Òtútù tó ń múni, ooru tó ń múni: kí la máa pè wọ́n?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ṣìkágò béèrè:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ń túmọ̀ ìwé ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ fún àwọn ìyá àti bàbá wa tó wá bá wa tọ́jú ọmọ níbí. Fóònù máa ń kọ `Heat Index` nígbà tí ooru bá mú, tó bá di ìgbà yìnyín á máa kọ `Wind Chill`. Mo ti fi «atọ́ka ooru» àti «ìtutù afẹ́fẹ́» sí i. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ṣé nǹkan kan náà tiẹ̀ ni wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà:
Àbúrò, «ìtutù afẹ́fẹ́» yẹn ló kọ́kọ́ gún mi lójú. Tí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé bá kà á, atẹ́gùn abẹ́ igi máńgòrò ló máa wá sí i lọ́kàn, á ní kí wọ́n bá òun ṣí wíńdò. Ìtutù ń tuni lára, òtútù ń múni. Òtútù la fẹ́ níbí.

Ẹ sì wo «múni» yẹn dáadáa. «Ooru ń mú mi», «òtútù ń mú mi», èèyàn ló ń mú, ohun tí nọ́ńbà méjèèjì ń sọ gan-an nìyẹn, tẹmómítà ti sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, àwọn wọ̀nyí ń sọ bó ṣe máa rí lára ẹni. Torí ẹ̀ ni mo fi fara mọ́ «ooru amúni» àti «òtútù amúni».

Àmọ́ nǹkan kan náà kọ́. Ti ooru, ọ̀rinrin ló fà á. Tí ara bá làágùn, òógùn yẹn á máa gbẹ, bó ṣe ń gbẹ ló ń gbé ooru kúrò lára. Tí ọ̀rinrin bá wá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn á kàn máa ṣàn ni, kò ní gbẹ, ooru á há sínú ara. Ẹ mú ọjọ́ méjì tí tẹmómítà kọ 32 dígírì Sẹ́líṣíọ̀sì, òun ni gbogbo nọ́ńbà mi níbí. Lọ́jọ́ kìíní ọ̀rinrin jẹ́ 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ooru amúni ò ju nǹkan bíi 33 lọ. Lọ́jọ́ kejì ọ̀rinrin ti wọ 70, ó ti di nǹkan bíi 41 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ tẹmómítà ò kúrò lójú kan. Abẹ́ òjìji ni wọ́n sì fi ṣírò ẹ̀ o, ẹni tó dúró sínú oòrùn gangan lè fi tó 8 lé e.

Ti òtútù, ọ̀rinrin ò sí nínú ìṣírò ẹ̀ rárá, atẹ́gùn ni. Ara wa máa ń mú afẹ́fẹ́ tó fara kàn án lọ́ wọ́ọ́rọ́, á dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan lára wa. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ á gbá aṣọ yẹn lọ, ara á tún wá òmíì, á tún gbá a lọ. Tó bá jẹ́ 10 nísàlẹ̀ òdo, tí atẹ́gùn ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan, ojú tí a ò bò á gbà á bí 20 nísàlẹ̀ òdo. Ojú èèyàn ni wọ́n sì fi dán ìṣírò tí Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò láti 2001 wò, wọ́n ní kí wọ́n máa rìn nínú yàrá tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lù wọ́n lójú.

Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn:
Ẹ ń wá ohun tó wà nílé lọ sóko. Ọyẹ́ ni! Atẹ́gùn ni ọyẹ́, ó tutù, ètè á là, ẹni tó bá wẹ̀ láàárọ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ kọ «ọyẹ́» kí ẹ lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà:
Ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ bá a, Bàbá Ìbejì. Atẹ́gùn ni ọyẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ìṣírò òtútù amúni, ìgbà tí tẹmómítà bá ti wọ 10 dígírì wá sílẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọyẹ́ Ìbàdàn kì í dé ibẹ̀. Ohun tó ń mú yín gbọ̀n lẹ́yìn ìwẹ̀ ni pé ọyẹ́ gbẹ, omi ara yín á gbẹ fìrì, á gbé ooru yín lọ. Ọ̀rọ̀ omi tó ń gbẹ lára nìyẹn, ti ooru amúni ló jọ, òun ló kọ orí sódì.

Ìyá Túndùn, Ṣìkágò:
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n ní òtútù yìí ti di 47 nísàlẹ̀ òdo, ọkọ mi da bùláńkẹ́ẹ̀tì lé iwájú mọ́tò torí atẹ́gùn. Ilẹ̀ mọ́, mọ́tò kọ̀, kò tiẹ̀ dún. Ṣé ẹ wá rí i pé ó ń mú mọ́tò náà? «Amúni» ò tó.

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà:
Ìyá Túndùn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọjọ́ 30 oṣù yẹn, tẹmómítà Ṣìkágò kọ 31 nísàlẹ̀ òdo, òtútù amúni ló jẹ́ 47. Mọ́tò yín ò lè tutù ju 31 yẹn lọ láéláé, atẹ́gùn kàn lè mú un tètè débẹ̀ ni, torí irin ò ní ooru tiẹ̀ tó ń pèsè bíi tiwa. 31 yẹn tó láti pa bátìrì. Bùláńkẹ́ẹ̀tì sì ń gbọ́ tẹni tí ara ẹ̀ ń mú ooru jáde ni, mọ́tò tó ti tutù ò ní nǹkan tó máa pa mọ́.

Ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wò ó. Ká ní 2 dígírì lókè òdo ni, atẹ́gùn 30 kìlómítà, òtútù amúni á di 4 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ gbé omi síta, kò ní dì. Etí ọmọ náà ò ní dì, àmọ́ òtútù á mú un o, kó dé fìlà. Tó bá jẹ́ ti 47 yẹn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni imú àti ọmọ ìka á ti dì bí ẹran inú fìríìsà, á kọ́kọ́ funfun, á kú tipiri, kò sì ní dun ẹni yẹn, ibẹ̀ ni ewu ẹ̀ wà.

Olùkọ́ Èdè, Àkúrẹ́:
Mo gbà pé «ìtutù» ò dáa. Àmọ́ «òtútù amúni», àìsàn ni mo gbọ́ níbẹ̀. Tí mo bá ní òtútù mú mi, ṣé kì í ṣe àgbo lẹ máa wá fún mi? Kò sì sọ ohun tó fà á. Ẹ jẹ́ ká ní «òtútù abátẹ́gùnwá» àti «ooru abọ́rinrinwá», ẹni tó gbọ́ ọ á ti mọ ohun tí òun máa sá fún.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ṣìkágò:
Olùkọ́, ó gùn fún arúgbó láti kà lójú fóònù. Ẹ̀gbọ́n, màámi ń béèrè: tí ooru amúni bá ga, ṣé kí àwọn tan fáànù?

Ẹ̀gbọ́n Wẹ́dà:
Ó dọwọ́ bí yàrá náà ṣe gbóná tó. Tó bá ti ju nǹkan bíi 35 lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni fáànù ń fẹ́ lu ara, kí wọ́n má gbójú lé e. Kí wọ́n fi omi tútù wẹ̀, kí wọ́n lọ síbi tí ẹ́síì wà. Oṣù keje ọdún 1995 ní Ṣìkágò yín níbẹ̀, tẹmómítà dé 41, ooru amúni ju 48 lọ, èèyàn tó lé ní 700 ló kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn arúgbó tó ń dá gbé. Tí òógùn bá dáwọ́ dúró, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá ń dàrú, kẹ́ ẹ pe 911 kíá, ẹ máa da omi sí wọn lára kí àwọn tẹ́ ẹ pè tó dé.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ṣìkágò:
Mo ti kọ ọ́ báyìí: «Òtútù amúni òní: 20 nísàlẹ̀ òdo. Atẹ́gùn ló fà á. Ẹ bo etí, imú àti ọwọ́.»

Olùkọ́ Èdè, Àkúrẹ́:
Gbólóhùn kejì yẹn ló gbà á là. Mo ṣì dúró lórí «abátẹ́gùnwá».