Yàrá 12, ìyàwó mẹ́ta: ìdí-igi ni àbí orí-ò-jorí?

Adéọlá (Òmù-Àrán): Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa kú láìṣe ìwé ìhágún. Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n. Ìyá wa ni ìyálé, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n bí. Ìyàwó kejì àti ìkẹta bí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Olórí ẹbí ní ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ilé, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan jọ gba ìpín kan. Àwa ò fẹ́.

Bọ̀dé: Orí-ò-jorí ni òde òní. Ọmọ mẹ́fà, yàrá méjì-méjì. Ẹ dìbò, ẹ̀yin lẹ pọ̀ jù.

Alàgbà Kóòtù: Ìbò kọ́, Bọ̀dé. Ẹjọ́ Dánmọ́lé àti Dáwódù, tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, sọ pé ìdí-igi ni àṣà gan-an. Bí ìjà bá dé ni olórí ẹbí lè yan orí-ò-jorí. Ìdí-igi á fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní yàrá 4: ẹ̀yin mẹ́rin á mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan ṣoṣo ìyàwó kejì á dá mú mẹ́rin, ti ìkẹta náà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń dùn yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì ka yàrá. Báwo ni bàbá ṣe fẹ́ ìyá yín? Bó bá jẹ́ ìdána nílé ni, tí ìjọ kàn súre sí i, àṣà ló ni ogún, ọmọ ló sì ń jogún, kì í ṣe opó. Bó bá jẹ́ ní kóòtù, tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, ìgbéyàwó méjì tó tẹ̀ lé e nígbà tí ìyá yín ṣì wà nílé kò dúró. Ìyá yín nìkan ni opó lójú òfin.

Ìyá Ìbejì (Ọ̀fà): Bàbá tiwa Mùsùlùmí ni. Ṣé wọn ò ní gba ìdá kan nínú mẹ́jọ fún èmi àti orogún mi?

Alàgbà Kóòtù: Tiyín yàtọ̀, Ìyá Ìbejì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ yẹn ni gbogbo opó jọ ń pín, nítorí ọmọ wà. Kóòtù Ẹ́ríà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Adéọlá: A rí ìwé ìgbéyàwó bàbá àti ìyá wa kan nínú àpótí, ti 1974. Ṣé àwọn ọmọ méjì yẹn ti jáde nùun, sà?

Alàgbà Kóòtù: Rárá o! Bàbá gbà wọ́n lọ́mọ. Abala 42 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 kò jẹ́ kí a fi bí a ṣe bí ọmọ dù ú ní ẹ̀tọ́. Ìwé náà ńkọ́, ta ló fún wọn? Káàdì ìjọ lásán kò tó. Ẹ lọ wá orúkọ wọn nínú ìwé àkọsílẹ̀ níbi tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀.

Lọ́yà Fẹ́mi: Alàgbà, ìwé nìkan kọ́ ni adájọ́ ń wò. Nínú ẹjọ́ Smith ti 1924, wọ́n tún wo bí olóògbé ṣe gbé ayé rẹ̀. Ọkùnrin tó fi àṣà fẹ́ méjì sí i, tó ń ṣe baálé nínú agbo ilé, ẹjọ́ rẹ̀ lè yí sọ́dọ̀ àṣà.

Alàgbà Kóòtù: Ó lè yí lóòótọ́. Èmi ṣì gbà pé ìwé ló wúwo jù.

Lọ́yà Fẹ́mi: Adéọlá, owó báńkì ńkọ́? Ẹ óò gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún ní Kóòtù Gíga ní Ìlọrin. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí i. Bí ẹ bá yọ méjì sílẹ̀, wọ́n lè kọ̀wé dá a dúró kó tó jáde, wọ́n sì lè ní kí kóòtù fagi lé e lẹ́yìn tó bá jáde.