Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àwòrán tí ayánilówó kan fi hàn mí kò jẹ́ kí n sùn

Alábàtà: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú ń bí mi. Ayánilówó kan wá bá mi ní ìsọ̀ lánàá, kò jẹ́ kí n tajà. Oníbàárà méjì dúró títí, wọ́n bínú lọ. Ó na àwòrán kan lórí fóònù sí mi lójú, ó ní ọjà àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Òpó méjì ló wà níbẹ̀, kékeré kan fún ọjà kí wọ́n tó yáwó, gàgàrà kan fún ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yá a. Gàgàrà yẹn tó kékeré lọ́nà mẹ́rin! Ọkọ mi ní kí n má dán an wò, bẹ́ẹ̀ òun náà ò fún mi lówó ọjà. Ṣé kí n yá a?

Ìyá Ìbejì: Má yá a! Èmi yá ti tèmi, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí, wọ́n tún pe ẹ̀gbọ́n mi. Títí dòní, bí fóònù bá dún, àyà mi á já.

Ọmọ Onífìlà: Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n. Nọ́ńbà kì í purọ́. Èlé ni kí wọ́n béèrè.

Bàbá Oníṣirò: Òótọ́ ni ti èlé. Ṣùgbọ́n ẹ wo apá òsì àwòrán náà, nọ́ńbà wo ló wà nísàlẹ̀ pátápátá?

Alábàtà: Mo ya fọ́tò rẹ̀. 90 ló wà nísàlẹ̀. Òpó àkọ́kọ́ dé 92, èkejì dé 98. Bàtà tí wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ ni.

Bàbá Oníṣirò: Wọ́n ti gé 90 kúrò lẹ́sẹ̀ òpó méjèèjì. Ó ku 2 fún èkíní, 8 fún èkejì, òun ló ṣe jọ ìlọ́po mẹ́rin. Bíi kí ènìyàn méjì dúró lẹ́yìn ògiri, kí orí wọn nìkan yọ. Ẹ fa òpó méjèèjì láti 0. Bàtà 6 péré ni àfikún lọ́sẹ̀, èrè orí 6 yẹn ni yóò sì san èlé. Ẹ tún bi í, àwọn wo ni wọ́n kà?

Alábàtà: Mo fi ṣọ́ọ̀kì fà á sẹ́yìn páálí bàtà. Orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba! Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní àwọn tó san tán tí wọ́n tún padà wá yá nìkan ni wọ́n kà. Mo ní àwọn tó kógbá wọlé ńkọ́? Ó ní wọn ò sí nínú rẹ̀.

Ọmọ Onífìlà: Síbẹ̀, bí èrè orí bàtà kan bá pọ̀, 6 lè tó.

Bàbá Oníṣirò: Ó lè tó. Ṣùgbọ́n a ò mọ̀ bóyá owó náà ló mú 6 wá. Àwọn tí ọjà wọn ti ń rìn tẹ́lẹ̀ ló máa ń lè san tán.

Alábàtà: Ẹ má bínú, ohun kan wà tí mi ò sọ. Mo ti fọwọ́ síwèé lánàá. Àbúrò mi ló dúró fún mi.

Ìyá Ìbejì: Háà! O wá ń bi wá bóyá kí o yá a?

Alábàtà: Ẹ̀rù ló bà mí, mà.

Bàbá Oníṣirò: Ṣé owó ti wọlé? Ẹ ka ìwé náà, bóyá ààyè wà láti dá a padà láìsan èlé. Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, ẹ má pè lásán.

Alábàtà: Ó wọlé láàárọ̀ yìí. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án. Mo ń wá ìwé náà báyìí.