Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Mo yan Ìkẹ́rẹ́, ìrẹsì gbogbo ẹ̀ka ló jáde

Akọ̀wé Owó, Adó-Èkìtì: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé ìtajà oúnjẹ tí mò ń bá ṣe ìṣirò ní ẹ̀ka mẹ́ta: Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìkọ̀lé. Tébùlù mẹ́ta ni mo kó sínú Power BI láti fi ṣe dáṣíbọọ̀dù tí ọ̀gá wa yóò fi máa wo ọjà tí kò tà: `Tita`, `Onibara` àti `Akojo`, èyí tí í ṣe ọjà tí a kà nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kóòdù ọjà ni mo fi so `Tita` mọ́ `Akojo`, orúkọ ẹ̀ka tó wà nínú `Tita` ni mo sì fi ṣe fílítà. Nígbà tí mo yan Ìkẹ́rẹ́, owó títà yí padà dáadáa, ṣùgbọ́n 160 àpò ìrẹsì ló jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni 40 péré ni mo fojú ara mi kà níbẹ̀. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé 12 àpò sẹ̀mó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rà ní Ìkẹ́rẹ́ pòórá pátápátá.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, Ìkẹ́rẹ́: Ẹ jẹ́ kí fílítà máa lọ kó máa bọ̀ lórí gbogbo okùn tó so àwọn tébùlù náà pọ̀. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn, gbogbo rẹ̀ sì ń yí pa pọ̀.

Àgbà Oníṣirò, Ọyẹ́: Àbúrò, fílítà yẹn ti rìn jù tẹ́lẹ̀. Bí Akọ̀wé ṣe yan Ìkẹ́rẹ́, àwọn ọjà tí wọ́n tà ní Ìkẹ́rẹ́ nìkan ló kù nínú `Tita`. Kóòdù wọn ló wá kọjá sí `Akojo`, orúkọ ẹ̀ka kò sì bá wọn kọjá. Ìdí nìyẹn tí 95 ti Adó àti 25 ti Ìkọ̀lé fi kún 40. Sẹ̀mó kò ní ìlà kankan nínú `Tita`, nítorí náà kò sí ohun tí yóò mú kóòdù rẹ̀ dé `Akojo`. Ọjà tí kò tà gan-an ni ọ̀gá yín ń wá, òun náà sì ni dáṣíbọọ̀dù yìí ń fi pamọ́.

Ẹ já okùn tó so `Tita` mọ́ `Akojo` yẹn. Ẹ ṣe tébùlù kékeré mẹ́ta: `Oja`, tí kóòdù kọ̀ọ̀kan yóò wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, `Eka`, àti `Ojo`, tí ọjọ́ kankan kò gbọdọ̀ fò nínú rẹ̀. Ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ `Tita`, kí ẹ tún so wọ́n mọ́ `Akojo`, kí fílítà máa ti ọ̀dọ̀ wọn ṣàn wá sísàlẹ̀ nìkan. Inú wọn ni kí ẹ ti mú fílítà, kí ẹ sì fi kọ́lọ́ọ̀mù ẹ̀ka inú `Tita` pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì fà á. `Tita` nìkan ni `Onibara` yóò so mọ́, torí àpò tó ṣì wà nílé kò tíì ní ẹni tó rà á.

Ọmọ Kọ̀ǹpútà, Ìkẹ́rẹ́: Bí mo bá wá yan oníbàárà kan ńkọ́, ọjà tó kù kò ní yí nìyẹn?

Àgbà Oníṣirò, Ọyẹ́: Kò ní yí, kò sì yẹ kó yí. Nínú tìrẹ, ọjà tí oníbàárà náà ti rà rí nìkan ni yóò ṣẹ́ kù. Ìyẹn lè wúlò fún ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọjà ilé ló ti dín kù.

Ìyá Kẹ́míìsì, Ìjerò: Ṣé kì í ṣe kíkà ni ẹ ṣì kà? Ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tèmi, Excel gé òdo iwájú `0071`, ó sọ ọ́ di `71`, gbogbo irú rẹ̀ sì kóra jọ sórí ìlà kan tí kò ní orúkọ ọjà. Ẹ yẹ kóòdù yín wò.

Akọ̀wé Owó, Adó-Èkìtì: Kíkà mi pé, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ ṣeun, kóòdù aláìlórúkọ méjì ni mo rí lóòótọ́. Mo ti tò ó bí Àgbà ṣe wí: Ìkẹ́rẹ́ di 40, sẹ̀mó sì padà wá. Àmọ́ nígbà tí mo kó kíkà ọ̀sẹ̀ mẹ́rin wọlé, ìrẹsì Ìkẹ́rẹ́ di 190, ìyẹn 60, 50, 40 àti 40. Mo ní kó mú ọjọ́ tó kẹ́yìn nìkan, àpapọ̀ ẹ̀ka mẹ́ta wá di 25, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ìkọ̀lé ń ka tirẹ̀, ọjọ́ Ẹtì sì ni àwọn yòókù.

Àgbà Oníṣirò, Ọyẹ́: Ẹ jẹ́ kó wá ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ kó tó ro wọ́n pọ̀:

```
OjaToKu =
SUMX(
  VALUES(Eka[EkaID]),
  CALCULATE(
    SUM(Akojo[Iye]),
    LASTNONBLANK(Ojo[Deeti],
      CALCULATE(COUNTROWS(Akojo)))
  )
)
```

Lórí ìlà ìrẹsì, 160 ni yóò fún yín. Ọjà tó bá tán, ẹ kọ 0 sí i. Bí ẹ bá fò ó, iye ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni yóò mú.

Akọ̀wé Owó, Adó-Èkìtì: Ó bọ́ sí i, 160 ni. Ṣùgbọ́n bí Ìkọ̀lé kò bá kà rárá ní ọ̀sẹ̀ kan, iye àtijọ́ náà ni yóò ṣì máa jáde. Ọ̀gá wa ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ó sàn kó ṣófo.

Àgbà Oníṣirò, Ọyẹ́: Èmi náà kò tíì mọ èyí tí mo fara mọ́ jù. Ẹ ṣáà kọ ọjọ́ tí wọ́n kà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná.