Ìfọ̀wọ̀kọ̀ àbí ìfọgbọ́nkọ̀?

Akọ̀wé-owó: Ẹ jọ̀ọ́, kí la lè pe kéèyàn kọ iṣẹ́ àṣekún láìṣàfojúdi? Aago mọ́kànlá alẹ́ lọ̀gá mi pè pé kí n ṣe rìpọ́ọ̀tù. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ pé "mi ò ní ṣe é lálẹ́ yìí sà", ló bá ní mo fojú di òun. Sà tí mo fi sí i ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn: Ìfọgbọ́nkọ̀ jàre! Sọ pé fóònù ẹ ti kú, ó tán.

Bàbá Olùkọ́: Tó bá wá rí ẹ lórí Wátsáàpù ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn ń rùn bí ẹ̀tàn, èmi á ní ìfọ̀wọ̀kọ̀. Sà kọ́ ló bà á jẹ́, "lè" ló sọnù níbẹ̀. "Mi ò ní ṣe é", ohun tí ọ̀gá gbọ́ ni pé o lè ṣe é, o ò kàn fẹ́. "Mi ò ní lè ṣe é", ó di ọ̀rọ̀ agbára. "Kò ní ṣeé ṣe" tún wá rọ̀ jùyẹn lọ torí pé ìwọ gan-an ò sí nínú gbólóhùn ọ̀hún mọ́. Àmọ́ má fìyẹn bẹ̀rẹ̀ o. Kọ́kọ́ kọ ọ́ pé "Mo rí ìpè yín sà, ẹ kú iṣẹ́. Màá pè yín láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la." Tó bá tún kọ̀wé: "Owó oṣù ló wà lọ́wọ́ mi sà, Fúráìdé la fẹ́ san án. Ṣé kí n gbé e tì ná, kí n ṣe rìpọ́ọ̀tù?" Òun fúnra ẹ̀ lá yàn. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni "Ẹ má bínú sà, kò ní ṣeé ṣe lálẹ́ yìí", kó o dákẹ́ síbẹ̀, torí àlàyé tó o bá fi kún un ló máa rí dì mú.

Ìyá Mànṣẹ́sítà: Tèmi yàtọ̀ o. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, táwọn òyìnbó bá pè lálẹ́ Sátidé pé ẹnì kan ò wá, mo ní rárá, wọ́n á pe ẹlòmíì, kò síjà. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ọ̀gá wa ló máa ní "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ gbà mí". Ta ló fẹ́ sọ "kò ní ṣeé ṣe" fẹ́ni tó ní ẹ gba òun?

Bàbá Olùkọ́: Hmm. Ìyẹn le, mà.

Ọmọ Ìbàdàn: Bàbá, ta ló ń tẹ àmì ohùn lórí fóònù? "Ifowoko" lẹ máa rí, ẹlòmíì á kà á sí ìfowókọ̀, á ní wọ́n fi owó kọ ìyàwó.

Bàbá Olùkọ́: Ẹ tẹ àmì! Tìẹ náà ń fẹ́ àmì.

Akọ̀wé-owó: Mo fi ìkejì ránṣẹ́ lánàá, ó ní owó oṣù ni kí n kọ́kọ́ ṣe. Àmọ́ aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ló pè láti sọ ọ́ fún mi.