«Kánú ò kánjú»: ohùn ìsàlẹ̀ kan tí èrò pápá ń gbé mì

Alátìlẹyìn Ṣúrùlérè:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo hun orin kan fún Kánú, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà nígbà kan rí, nítorí góòlù tó máa ń gbá wọlé nígbà tí eré bá ti ń parí lọ. Ṣé ó gún?

Kánú ò kánjú,
Aago ló ń kánjú;
Akẹ́yìnjáwọ̀n dé,
Ẹ má tíì relé!

Ìyá Ìbejì:
Ìlà kejì pa mí lẹ́rìn-ín! Mi ò lè gbàgbé ìgbà tó fi góòlù ìkẹyìn na Ajẹntínà ní Òlíḿpíìkì Àtìlántà.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì:
Ìyá Ìbejì, Ámúníkè ló na Ajẹntínà, 3-2. Bàràsílì ni ti Kánú, ní ọjọ́ 31 oṣù Keje 1996. Wọ́n ti fi 3-1 ṣáájú wa, Òkóṣà sì ti pàdánù pẹnáritì. A dá ọ̀kan padà, Kánú sọ ọ́ di 3-3 ní ìṣẹ́jú 90, ó tún gbá ìkẹrin wọlé ní ìṣẹ́jú 94. Nígbà náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbá a wọlé lẹ́yìn 90 ló mú eré lọ, kò sí pé à ń dúró de ìṣẹ́jú 120.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí orin. «Ò» yẹn ló ń bí mi nínú. Ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ló wà ní ìlà àkọ́kọ́, òun ló sì gbé ìtumọ̀ dání. Èrò pápá kì í sọ ohùn kalẹ̀. Òkè ni wọ́n ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá gbé «ò» sókè, «Kánú ó kánjú» la ó gbọ́. Bí wọ́n bá gbé e mì pátápátá, ó di «Kánú kánjú». Ẹni tí o ń yìn lo sọ di oníwàdùwàdù. «Kánú kì í kánjú» ni kí o kọ. Ìwà rẹ̀ là ń sọ, kì í ṣe ti ọjọ́ kan.

Onígángan:
Bàbá, ẹ má bínú, ìyẹn gùn jù lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí gángan sọ ọ́: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, òkè, òkè. Ta ló máa ṣì í gbọ́? Kí alélé kọ «Kánú ò», kí ègbè dá a lóhùn pé «kánjú!»

Olùkọ́-fẹ̀yìntì:
Kí ẹgbẹ̀rún ènìyàn máa pariwo «kánjú! kánjú!» lé ọmọ ọlọ́mọ lórí? Àwọn tí mo bá lẹ́nu orin kò jẹ́ fún ègbè ní ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró. Mo ti ń kọ́ èdè yìí kí wọ́n tó bí ẹ.

Onígángan:
Ẹ̀yin ń kọ́ ọ, àwa ń lù ú.

Ará Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ ò rí «Akẹ́yìnjáwọ̀n» ni? Bí ohùn bá já wálẹ̀ díẹ̀, ó di «akẹ̀yìn», ẹni tó kẹ̀yìn sí wa. «Jáwọ̀n» ńkọ́? Ẹja tó bá jáwọ̀n, ó ti bọ́ lọ́wọ́ apẹja nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ń wọ àwọ̀n ni, kì í já a. Àwọn tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ní Yorùbá lórí rédíò, «gbá a sáwọ̀n» ni wọ́n ń sọ. Agbẹ̀yìngbáyò ló tọ́. Ẹ wo eré Ṣẹ́lísì àti Ásẹ́nà, ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá 1999. Ṣẹ́lísì fi 2-0 ṣáájú. Kánú, tó ń gbá fún Ásẹ́nà, gbá a wọlé ní ìṣẹ́jú 75, 83 àti 90. Ó sá kọjá aṣọ́lé ní ẹ̀gbẹ́ pápá, níbi tí igun ti há, ó sì gbá a wọlé láti ibẹ̀. Ẹni tó bá tètè relé lọ́jọ́ náà, ó pàdánù. Nítorí náà, ìlà kẹrin dára.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì:
Ayò wà nínú ọpọ́n, ará Ìjẹ̀bú.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ̀yin ọkùnrin wọ̀nyí! Kẹ́hìndé mi ti ń jẹ́ Kẹ́hìndé láti ọjọ́ ìkómọ. Wọ́n ń pè é lójú ọ̀nà, wọ́n ń pariwo rẹ̀ ní pápá àdúgbò, ẹnikẹ́ni ò tíì pè é ní akẹ̀yìnsíni. Bí «kẹ́yìn» ò bá ṣòro lẹ́nu ọmọdé, kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Ẹ kúkú kọ «Kẹ́hìndé wa dé». Ẹ bá mi fi orúkọ ọmọ mi sí i náà, wọ́n ní bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé.

Ará Ìjẹ̀bú ní Lọ́ńdọ̀nù:
Ta ni Táyé rẹ̀? Kánú kì í ṣe ìbejì, Ìyá.

Ìyá Ìbejì:
Ìṣẹ́jú 90 ni Táyé, 94 ni Kẹ́hìndé.

Onígángan:
Ìyẹn wọ ìlù o!

Ọmọ Ọ̀wẹrì:
Mo ń gbọ́ yín látàárọ̀. Ọmọ Ìgbò ni Kánú. Ta ló fún yín láṣẹ láti fi ohùn òkè méjì sórí orúkọ wa? Orí rẹ̀ ni gbogbo orin yín dúró lé.

Olùkọ́-fẹ̀yìntì:
Bí a ṣe ń pè é ní ìgboro Ìbàdàn la kọ yẹn.

Alátìlẹyìn Ṣúrùlérè:
Ẹ ṣé o. Mo ti yí i:

Kánú kì í kánjú,
Aago ló ń kánjú;
Kẹ́hìndé wa dé,
Ẹ má tíì relé!

Olùkọ́-fẹ̀yìntì:
«Kì í» yẹn, ṣé o kọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ méjì?