Tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tí mo rà fún Màmá mi ò ní àwọ̀, ṣé kí n dá a padà?

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ń bí mi débi pé oúnjẹ ò gba ọ̀fun mi lọ. Sátidé ni mo ra tẹlifíṣọ̀n pẹrẹsẹ tòkunbọ̀ kan fún Màmá mi ní Adó. Ẹni tó tà á fún mi búra pé kò ní àbùkù kankan. Mo san owó ọkọ̀, mo san owó ẹni tó bá mi gbé e. Àbúrò ọkọ mi tó ní òun mọ̀ nípa wáyà wá so ó mọ́ ẹ̀rọ DVD. Iyán ló kọ́kọ́ jẹ o, òkèlè ńláńlá, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, bó sì ti ṣe é tán ló bá tirẹ̀ lọ. A fi DVD ìgbéyàwó àbúrò mi sí i, àwòrán jáde, àmọ́ dúdú àti funfun ni látòkè délẹ̀! Aṣọ òkè tá a ná owó gọbọi lé lórí wá dà bí eérú. Màmá ní ṣé ayé àtijọ́ la tún padà sí ni. Ṣé kí n gbé e padà lọ bá ọkùnrin yẹn?

Ọmọ Aráròmí: PAL àti NTSC, ìlànà àwọ̀ tẹlifíṣọ̀n méjì tí kò bára mu, ló ń bá yín jà. DVD tí wọ́n bá ṣe lọ́nà ti Amẹ́ríkà, tẹlifíṣọ̀n tó mọ PAL nìkan kì í rí àwọ̀ rẹ̀. Ẹ wọ inú sẹ́tìn DVD yẹn, ẹ yí i sí PAL, ó parí.

Ìyá Bọ́lá: Ẹ̀yin náà ni! Ta ló ní kẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀? Owó tẹ́ ẹ kó lé e lórí ì bá ra tuntun kékeré.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Ìyá Bọ́lá, ẹ fowó ránṣẹ́ kí n ra tuntun. Ọmọ Aráròmí, Ìkẹ́rẹ́ níbí la ti ṣe ìgbéyàwó náà, ará ibí ló sì yà á. Kí ló kan Amẹ́ríkà?

Bàbá Rẹ́díò: Ẹ rọra. Orí mélòó ni wáyà yín ní, àwọ̀ wo sì ni wọ́n? Inú ihò wo ni ẹ ki ìkọ̀ọ̀kan bọ̀? Ẹ ò sọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sọ, ọ̀rọ̀ iyán lẹ ń sọ.

Tádé Ọ̀yẹ́: Irú rẹ̀ ṣe mí rí, ti dẹkódà. Wáyà rẹ̀, orí kékeré kan bíi ti íyàpíìsì ló wà ní ìdí dẹkódà, orí mẹ́ta ní ìdí tẹlifíṣọ̀n. Mo ki yẹ́lò bọnú yẹ́lò, kò sí àwòrán, ariwo ló ń hó. Ìgbà tí mo ki pupa bọnú yẹ́lò ni àwòrán jáde! Wáyà kámẹ́rà ni wọ́n tà fún mi, wọn ò to inú rẹ̀ bíi ti dẹkódà. Ẹ yáa máa yí i káàkiri.

Bàbá Rẹ́díò: Òótọ́ ni ti Tádé, àmọ́ ti orí kékeré nìyẹn. Ti Àbẹ̀ní yàtọ̀, torí àwòrán rẹ̀ jáde.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Orí mẹ́ta ni, yẹ́lò, funfun, pupa. Tẹlifíṣọ̀n yìí ò ní ihò yẹ́lò rárá ni wọ́n fi ki yẹ́lò bọnú ti àwọ̀ ewé. Funfun wà nínú búlúù tó tẹ̀ lé e, pupa wà nínú pupa bó ṣe yẹ.

Bàbá Rẹ́díò: Pupa wo? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa rí pupa méjì. Ohùn ńkọ́, ṣé ó ń jáde?

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Ohùn? Kò sóhùn rárá. Mo rò pé sípíkà rẹ̀ ló kú, mo tún fẹ́ bá ẹni tó tà á jà lórí ìyẹn.

Bàbá Rẹ́díò: Háà. Ìyẹn ni ẹ ì bá ti kọ́kọ́ sọ! Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà. Ihò tí funfun àti pupa yín wà, ihò àwòrán ni, kì í ṣe ti ohùn. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan fún mi, ẹ fi ti àwọ̀ sílẹ̀ ná.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Láti apá òsì: `Y/VIDEO`, àwọ̀ ewé, òrùka yẹ́lò tín-ín-rín yí i ká. `PB`, búlúù. `PR`, pupa. Lẹ́yìn náà funfun `L` àti pupa mìíràn `R`, wọ́n kọ `AUDIO` sórí méjèèjì. Ẹ ní pupa méjì, Màmá ní mẹ́ta ni, torí pupa rúsúrúsú lòun ń pe yẹ́lò.

Bàbá Rẹ́díò: Màmá ò jẹ̀bi o, èdè wa ló fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú wáyà yẹ́lò, ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ àwòrán jọ ń rìn pọ̀ ni, òun ni kọ́mpósíìtì. Kọ̀mpónẹ́ǹtì pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: àwọ̀ ewé gbé ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn, búlúù àti pupa gbé àwọ̀. Bí tẹlifíṣọ̀n bá gbà pé kọ̀mpónẹ́ǹtì lẹ fún òun, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń kà nínú ihò `Y`. Àwọ̀ wà nínú wáyà yín o, kò wá a níbẹ̀ ni. Àmọ́ òrùka yẹ́lò yẹn ń sọ pé ihò kan náà ló ń gba méjèèjì. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀ kúrò. Ẹ dá yẹ́lò nìkan padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ pe mí.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. Dúdú àti funfun náà ni.

Ọmọ Aráròmí: Mo sọ fún yín. PAL.

Bàbá Rẹ́díò: Ẹ tẹ `SOURCE` lórí rìmóòtù. Kí ló yàn?

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: `Component`.

Bàbá Rẹ́díò: Ẹ gbé e lọ sí `AV`.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Hẹ̀ẹ́ẹ̀! Gèlè pupa! Màmá ti ń jó nídìí tẹlifíṣọ̀n!

Bàbá Rẹ́díò: Ẹ wá ki funfun bọ `L`, pupa bọ pupa tó wà lábẹ́ `AUDIO`.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Ohùn ti dé. Ọlọ́run á gbọ́ tiyín, Bàbá. Àmọ́ etí gèlè yẹn ń tú jáde díẹ̀ bí aṣọ tí aró rẹ̀ ń ṣí, ibi tí wọ́n kọ orúkọ ìyàwó sí náà ń rìn wínníwínní lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìyá Bọ́lá: Tòkunbọ̀.

Bàbá Rẹ́díò: Wáyà yẹ́lò ni. Ohun tó rìn pọ̀ nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló máa tún yà á sọ́tọ̀, kì í sì yà á tán.

Tádé Ọ̀yẹ́: Kí wọ́n ra wáyà kọ̀mpónẹ́ǹtì olórí márùn-ún, àwòrán á di HD.

Bàbá Rẹ́díò: Rárá o, Tádé. Kọ̀mpónẹ́ǹtì lè gbé HD, àmọ́ ìlà 576 ni DVD ti PAL ní, wáyà ò lè bí ohun tí kò sí nínú rẹ̀. Yóò kàn mú etí gèlè yẹn ṣe ṣáká ni.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Mo ní wáyà olórí mẹ́ta mìíràn nílé. Ṣé kò lè ṣe é?

Bàbá Rẹ́díò: Bí ẹ̀yìn DVD yín bá ní ihò `Y`, `PB` àti `PR`, ó lè ṣe é. Ọ̀dà lásán ni àwọ̀ orí wáyà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé orí tó bá ti `Y` ti DVD jáde, inú `Y` ti tẹlifíṣọ̀n ni kó wọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni méjì yòókù. Wáyà àkọ́kọ́ á wá máa gbé ohùn, kẹ́ ẹ fi yẹ́lò tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yan `Component` tàbí `YUV` nínú sẹ́tìn DVD, kẹ́ ẹ dá `SOURCE` padà sí `Component`. Bí ojú gbogbo èèyàn bá di búlúù, ẹ ti gbé `PB` àti `PR` fún ara wọn.

Ọmọ Aráròmí: Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, bí ó bá jẹ́ DVD ti Amẹ́ríkà ni, èmi ni mo tọ̀nà.

Bàbá Rẹ́díò: Pẹ̀lú wáyà yẹ́lò, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ PAL kì í gba ohùn lẹ́nu èèyàn.

Àbẹ̀ní Ìkẹ́rẹ́: Àbúrò ọkọ mi pè. Mo ní a ti tún un ṣe. Ó ní ta ló yí wáyà òun, òun ń bọ̀ lọ́la wá wò ó. Ẹ̀bà ni mo máa rò o.