Ìsinmi ọ̀fọ̀, àyè ọ̀fọ̀ tàbí líìfù?

Ìbéèrè, láti Iléṣà

Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa fẹ́ kọ ímeèlì sí ọ̀gá. Ohun tó kọ rèé: “Sà, mo fẹ́ gba ìsinmi ọ̀fọ̀ ọjọ́ mẹ́sàn-án láti ọ̀túnla, bùrọ̀dá mi ló kú ní Lọ́ńdọ̀nù.” Ṣé “ìsinmi ọ̀fọ̀” tọ̀nà? Kí la ó sì pe àwọn ọjọ́ tó máa lò lójú ọ̀nà? Ọjọ́ iṣẹ́ 5 ni ìwé ìlànà wa fi sílẹ̀ fún ikú ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá. Físà rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá 2025, ni ìsìnkú. Òní, Àìkú 28 Oṣù Kẹsàn-án, ló fẹ́ fi í ránṣẹ́.

Olùkọ́ èdè, Ifẹ̀

Ẹ bá wa kí i kú ìrọ́jú. “Ìsinmi” ò bá mi lára mu níbẹ̀ rárá. Ẹni tó ń lọ sìnkú kò lọ sinmi. Ohun tó ń tọrọ ni pé kí wọ́n yọ̀ǹda òun, nítorí náà “ìyọ̀ǹda ọ̀fọ̀” ni mo fara mọ́.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀: ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń fi fóònù kọ̀wé. Bí ó bá kọ “isinmi ofo”, ọ̀gá lè kà á sí òfo, ìyẹn ìsinmi tí kò ní nǹkan kan nínú, tàbí òfò. Bí ó bá tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ sábẹ́ o méjèèjì tí kò fi àmì ohùn sí i, ọfọ̀ tí babaláwo ń pè ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kí ó fi “nítorí ikú ẹ̀gbọ́n mi” kún àkòrí, kò sẹ́ni tó máa ṣì í kà.

Ọ̀dọ́ kan, Iléṣà

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, líìfù ni gbogbo ayé ń pè é. Ní gbogbo Iléṣà níbí, bí ẹ bá sọ “ìyọ̀ǹda ọ̀fọ̀”, wọ́n á bi yín pé kí ni yẹn. Kò sì yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ló fún un ní ọjọ́ 5 yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Akọ̀wé àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, Iléṣà

Àbúrò, o gba ibì kan, o ṣì ibì kan. Ẹ̀tọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ wọn ló fún un. Òfin Iṣẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn, ó sọ̀rọ̀ nípa ìbímọ, abala 18 rẹ̀ sì fún ẹni tó ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 ní ìsinmi ọdọọdún tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6. Kò dárúkọ ọ̀fọ̀. Ìwé ìlànà ni kó tọ́ka sí.

Èmi ò tilẹ̀ bá “ìsinmi” jà tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí gbólóhùn yẹn ti máa dá wàhálà sílẹ̀ ni “bùrọ̀dá” àti “ọ̀túnla”. Ta ni kì í ṣe bùrọ̀dá? Ọmọ àbúrò bàbá ẹni ni, aládùúgbò tó jù wá lọ náà ni. Ìwé ìlànà ní ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá, kí ó yáa kọ “ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyá kan, bàbá kan”. Bí ó bá ti lọ́kọ, orúkọ ìdílé rẹ̀ lè má bá ti olóògbé mu mọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń dá ìwé padà. Kí ó so ìwé ìbí tirẹ̀ mọ́ ọn, níbi tí orúkọ bàbá wọn hàn.

“Ọ̀túnla” tó kọ lónìí, Ìṣẹ́gun ni. Ọ̀gá tó bá ṣí ímeèlì láàárọ̀ Ajé máa kà á sí Ọjọ́rú. “Ọjọ́ mẹ́sàn-án” náà ò dán mọ́rán, nítorí àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a dúró lé mọ́ ọn, kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kì í sì í ka Àbámẹ́ta àti Àìkú rárá. Kí ó kọ ọjọ́ tó ń lọ, kí ó kọ ọjọ́ tó máa wọṣẹ́ padà, kí ó sì sọ iye ọjọ́ iṣẹ́ tó wà láàárín wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ìṣẹ́gun 30: àárọ̀ ló máa kúrò ní Iléṣà, gba Ifẹ̀ àti Ìbàdàn lọ sí Ìkẹjà, kó lè wọ ọkọ̀ òfuurufú alẹ́. Ọjọ́rú 1 ló máa balẹ̀, ọlidé òmìnira sì ni nílé, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Ọjọ́bọ̀ fún ètò, Ẹtì fún ìsìnkú, Ajé 6 fún ẹrù olóògbé. Bí ó bá wọ ọkọ̀ ọ̀sán ní Ìṣẹ́gun 7, ìrọ̀lẹ́ ló máa dé Èkó, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó máa mú ọ̀nà Iléṣà pọ̀n lóru. Ọjọ́rú 8 nìyẹn fún ilé. Ọjọ́ iṣẹ́ 6 ló jẹ́: 30, 2, 3, 6, 7, 8. Ìlànà fún un ní 5. Kí ó fúnra rẹ̀ sọ pé kí wọ́n yọ ẹyọ 1 tó kù nínú ìsinmi ọdọọdún òun.

Ìyá kan, Ifẹ̀

Ẹ̀yin ń ka ọjọ́! Ṣé ímeèlì la fi ń túfọ̀ báyìí? Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kú ní Kánádà, àwọn àgbà mẹ́ta ni a rán lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹ ní kí ó lọ bá ọ̀gá náà jókòó kó fẹnu sọ ọ́.

Akọ̀wé àgbà

Mà, ìwé ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìtúfọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rán mi létí ohun kan. Bí àwọn òbí rẹ̀ ò bá tíì gbọ́, kí ó kọ ọ́ sínú ímeèlì náà pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kéde rẹ̀”. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn á ti wà lórí Wásáàpù ibi iṣẹ́ kó tó di ọ̀sán.

Ẹni tó béèrè

A dúpẹ́ o. Wọn ò tíì gbọ́ lóòótọ́. Ọ̀gá tún máa béèrè ìwé ẹ̀rí ikú, kò sì tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Akọ̀wé àgbà

Kí ó má dúró dè é. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà á kọ ohun tó fa ikú. Láti 9 Oṣù Kẹsàn-án 2024, dókítà mìíràn tó ń yẹ ikú wò gbọ́dọ̀ rí i, àfi èyí tó bá lọ sọ́wọ́ adájọ́ tó ń wádìí ikú. Ẹ̀yìn náà ni ẹbí á tó forúkọ ikú sílẹ̀. Bí adájọ́ yẹn bá dá sí i, ọjọ́ ìsìnkú lè yẹ̀. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú òkú ni kí ó so mọ́ ọn, tí orúkọ olóògbé àti ọjọ́ ìsìnkú wà nínú rẹ̀. Bí mo ṣe máa kọ ọ́ nìyí:

“Àkòrí: Ìtọrọ àyè nítorí ikú ẹ̀gbọ́n mi, 30 Oṣù Kẹsàn-án sí 8 Oṣù Kẹwàá 2025.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìyá kan, bàbá kan, ṣaláìsí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹtì 3 Oṣù Kẹwàá ni ìsìnkú níbẹ̀. Mo ń tọrọ ọjọ́ iṣẹ́ 6, àlọ àti àbọ̀ wà nínú rẹ̀: 5 gẹ́gẹ́ bí ìwé ìlànà, 1 nínú ìsinmi ọdọọdún mi. Mo máa wọṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀ 9. Lẹ́tà ìsìnkú àti ìwé ìbí mi wà pẹ̀lú èyí. Màá mú ìwé ẹ̀rí ikú bọ̀. Bí ọjọ́ ìsìnkú bá yẹ̀, màá kọ̀wé sí yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kéde rẹ̀, a ò tíì túfọ̀ fún àwọn òbí wa.”

Olùkọ́ èdè

“Ṣaláìsí” dára, ó fọ̀wọ̀ hàn ju “kú” lọ. “Àlọ àti àbọ̀” náà wọ̀ mí létí, ó sàn ju “ọjọ́ ìrìnàjò” lọ, torí ó sọ pé ó ń padà bọ̀. Ṣùgbọ́n “àyè” ti gbòòrò jù. Àyè iṣẹ́ ń kọ́? Àyè ìjókòó ń kọ́?

Akọ̀wé àgbà

Ẹni tó ń tọrọ, àyè ló ń tọrọ. Ọ̀gá ló ń yọ̀ǹda. Bí ọ̀gá bá ń dá a lóhùn, kí ó lo “ìyọ̀ǹda” tiyín.

Ọ̀dọ́ kan, Iléṣà

Líìfù ni wọ́n máa kọ sórí fáìlì rẹ̀ ṣá.